Irú mi tàn ká orí Fesibúùkù, mo ti gbowó ju ohun tí mo lè sè lọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọjà Àtàkúnmọ̀sà níbí ní Iléṣà ni mo ti ń ta irú wóró, ó ti lé ní ọdún 11. Ọmọ mi obìnrin ló ní kí òun ya fídíò mi nígbà tí mo ń ṣí igbá. Mo ká ewé kúrò lójú irú, ooru rú jáde, mo fi ìka fa wóró méjì kúrò lára ara wọn kí wọ́n rí bó ṣe ń fà yọ̀ọ̀. Gbogbo ohun tí mo ṣe náà nìyẹn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, fóònù mi ò sinmi mọ́.

Mi ò rò ó wò kí n tó fi nọ́ńbà àkáǹtì síbẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, èèyàn 91 ti sanwó rọ́bà 213, rọ́bà kan 1,500 náírà. Bẹ́ẹ̀ rọ́bà 40 ni ìdáná mi kan ń mú jáde, ọjọ́ márùn-ún gbáko sì ni látìgbà tí mo bá gbé irúgbá kaná títí tí màá fi ṣí i. 25 nínú 40 yẹn, àwọn oníbàárà mi ọjà ló ni ín, àwọn olóúnjẹ tó ti ń rà á látìgbà tí mo pọn ọmọ yìí sẹ́yìn.

Mo ra ìkòkò ńlá kejì, mo ra irúgbá kún un, 120,000 ti lọ nínú owó náà. Mo ti fi rọ́bà 40 ránṣẹ́ sí Èkó láti páàkì. Kí n má purọ́ fún yín, 20 nínú ẹ̀ kì í ṣe tèmi, mo rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì ni. Òun ni wọ́n fi ń bú mi báyìí. Ẹnì kan ya fọ́tò ránṣẹ́: ìdérí rọ́bà ti wú, omi ń hó lójú irú. Ẹlòmíì ní ẹ̀wà soyà wà nínú ẹ̀. Ó ku 173. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Lagere: Ẹ kú oríire mà! Ẹ tètè ṣe fídíò mìíràn lọ́sẹ̀ yìí o, kí wọ́n má baà gbàgbé yín. Ẹ fi orin sí i.

Ẹni tó béèrè: Àbúrò mi, ṣé o ka ọ̀rọ̀ yẹn tán? Kì í ṣe oníbàárà ni mò ń wá.

Bàbá Ìbejì: Sísè ló ń jẹ yín lákòókò. Ẹ sọ káún sí i, á tètè rọ̀, ẹ ò ní dáná mọ́jú mọ́. Ọjọ́ márùn-ún á di méjì.

Aránṣọ Ifẹ̀: Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọdún iléyá kan nìyí. Mo gba aṣọ èèyàn 30, mo ní “yóò jáde” fún gbogbo wọn. Ní ọjọ́ tó ku ọ̀la, obìnrin kan gbé àpótí wá, ó jókòó ti máṣíìnì mi, ó ní òun ò ní kúrò. Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà lẹ ni òṣómàáló, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó ti onígbèsè. Ẹ dá owó gbogbo wọn padà kíá, kí ẹ sinmi.

Ẹni tó béèrè: Àǹtí, nínú 319,500, mo ti ná 120,000. Níbo ni mo ti fẹ́ rí gbogbo ẹ̀ dá padà?

Ìyá Òkèsà: Ọmọ mi, mo ti se irú títí tí orúnkún mi fi ní ó tó. Baba ìbejì ò parọ́ tán, káún a máa mú irúgbá tètè rọ̀. Ṣùgbọ́n irú pẹ̀tẹ̀ ló ń ṣe yẹn fún. Wóró rẹ á fọ́, wóró tó dá dúró gbọngbọn sì ni wọ́n rí nínú fídíò. Tó bá tilẹ̀ jinná ní wákàtí méjì, o ṣì máa tẹ̀ ẹ́, o máa fọ̀ ọ́, o máa tún un sè, á sì sun inú igbá tó bó ṣe yẹ kó sùn. Ta ló lè sáré fún igbá?

Ìkòkò kejì tí o rà kọ́ ló kù ọ́ kù. Ẹsẹ̀ tó máa tẹ̀ ẹ́ ló kù. Ìwọ àti ọmọ rẹ nìkan ni, tí ẹ bá ń tẹ ti ìkòkò kan, ti èkejì á ti tutù, èèpo rẹ̀ ò ní ṣí dáadáa mọ́.

Ṣírò ẹ̀ wò. 20 tí o rà lọ́wọ́ ẹlòmíì yẹn, o máa rọ́pò ẹ̀, nítorí náà 193 lo jẹ wọ́n, kì í ṣe 173. Tó bá jẹ́ 15 lo ń rí yọ nínú ìdáná kan, ìdáná 13 nìyẹn, ọjọ́ 65. Ta ló máa dúró? Wá onírú kan tí o mọ ọwọ́ rẹ̀. Má ra irú lọ́wọ́ ẹ̀ o. Gbé irúgbá tìrẹ fún un, gbé ìkòkò tuntun yẹn fún un, jókòó tì í ní ìdáná àkọ́kọ́, kí o sì sanwó iṣẹ́ fún un. Tí òun náà bá mú 40 jáde, 55 lẹ ń rí lọ́jọ́ márùn-ún. Ìdáná mẹ́rin, ogúnjọ́.

Ọlọ́jà Odò-Ògbè: Ìyá, ẹ jẹ́ kó fún àwọn ará Èkó ní 25 tọjà yẹn náà, àwọn ló ti sanwó.

Ìyá Òkèsà: Tí fídíò bá lọ tán, ta ló máa rà á lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jà?

Ọlọ́jà Odò-Ògbè: Àwọn olóúnjẹ lè mú sùúrù fún ogúnjọ́. Mi ò gbà.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an, mà. Irú tó ń hó ní páàkì yẹn ńkọ́?

Ìyá Òkèsà: O fi ìdérí sé e mọ́ ooru ẹ̀ ni. Irú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú igbá ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó wọ mọ́tò, ó sun páàkì, ó làágùn. Tẹ́ ẹ sórí atẹ́ kó tutù, fi iyọ̀ sí i, sá a sóòrùn títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, kí o tó dì í. Ṣùgbọ́n tó bá gbẹ, á sún kì. Rọ́bà kan tútù kò ní kún rọ́bà tó bá gbẹ tán.

Dẹ́rẹ́bà Ìbòdì: Kí ó wọ̀n ọ́n ní tútù kó tó sá a, kó sọ fún wọn.

Aránṣọ Ifẹ̀: Ọ̀rọ̀ ò ní tán síbẹ̀. Ẹni tó san 1,500 ló máa ṣí rọ́bà tí kò kún, á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Gbígbẹ ni kó wọ̀n.

Ìyá Òkèsà: Àdánù ńkọ́?

Ẹni tó béèrè (lẹ́yìn ọjọ́ méjì): Mo ti yọ nọ́ńbà àkáǹtì kúrò lábẹ́ fídíò yẹn. Mo to orúkọ bí wọ́n ṣe sanwó tẹ̀lé ara wọn, mo kọ ọjọ́ tí tirẹ̀ máa jáde ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí Wásáàpù, mo ní ẹni tí kò bá lè dúró kó sọ. Èèyàn 14 ló ní kí n dá owó rọ́bà 31 padà, 46,500, mo ti fi ránṣẹ́. Ó ku 162, ìdáná mẹ́ta. Ẹgbọ́n kan tí a jọ ń tà ti gba irúgbá lọ́wọ́ mi, ilé ẹ̀ ni mo wà báyìí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí títẹ̀. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yẹn ṣì ń dà mí láàmú.

Ọmọ Lagere: Mà, mo wo nínú àkáǹtì mi, ó jọ pé èmi náà san ti rọ́bà méjì. Ẹni kelòó ni mo jẹ́ lórí ìwé yẹn?