Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ sí ọ̀gá mi pé ráàmù sáfà wa ò tó mọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì wa. Sáfà ńlá kan ṣoṣo la ní, gígábáìtì 64 ni ráàmù rẹ̀, sáfà márùn-ún mìíràn ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Àpapọ̀ ohun tí mo pín fún wọn jẹ́ 80. Kò dà wá láàmú tẹ́lẹ̀, torí wọn kì í lò ó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ tí oṣù bá ń parí, tí àwọn oníṣirò bá ń ṣe owó oṣù, ojú ìwé kan lè gba ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó ṣí.

Mo ṣí `esxtop` tó ń fi bí sáfà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, mo tẹ `m` láti wo ráàmù: `SWCUR` sáfà ìṣirò, ìyẹn ohun tó ti kó sórí dísìkì, ti lé ní mẹ́gábáìtì 9000, `SWR/s` rẹ̀, ìyẹn èyí tó ń kà padà láti ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ò sì padà sí òdo. Ráàmù ti tán nìyẹn. Orí dísìkì ló ń kó nǹkan sí, tó tún ń lọ kó o bọ̀, dísìkì ò sì yára bíi ráàmù.

Ọ̀gá mi ní `CPU` ò ju ìdá 20 nínú 100 lọ, kí ló tún kù? Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ímeèlì pé: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Òṣìṣẹ́ wa, ìyẹn `CPU`, lágbára, tábìlì tó ń lò, ìyẹn ráàmù, ló kéré."

Ihò mẹ́rin ṣì ṣófo, mo fẹ́ béèrè ráàmù 16 mẹ́rin. Sáfà fáìlì ní 16, kì í sì í lò ju 5 lọ. Ṣé kí n kọ́kọ́ dín in kù sí 8, kí n sì sọ ọ́ fún wọn pé 72 ṣì ju 64 lọ?