Bí iye bitikọ́ìnì bá dé ibi tí líkúídéṣọ̀n pọ̀ sí, kí lẹ máa ń wò?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ká ní bitikọ́ìnì wà ní $100,000, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì fi owó àyálò ìlọ́po 10 ta ṣọ́ọ̀tì. Kó tó pé $110,000, pèpéle ìṣòwò á ti fipá rà á padà fún wọn, rírà yẹn á sì tún ti iye sókè. Ibẹ̀ ni àwòrán líkúídéṣọ̀n máa ń tàn yòò. Àròpọ̀ ìfojúdíwọ̀n ni ṣá, torí àwọn tó ń yà á kò rí ìlọ́po tí kálukú lò.

Tí iye bá débẹ̀, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ bóyá yóò ṣẹ́rí padà tàbí yóò máa lọ? Èmi máa ń wo àpapọ̀ ọjà tí wọn ò tíì pa dé: bó bá já wálẹ̀ lójijì, mo gbà pé àfipárà ti ń tán. Ṣé ìyẹn nìkan tó?