Tailscale ń rí àpótí wa l'Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n fáìlì ń rìn bí ìgbín

Ìyá Àbẹ̀kẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àpótí ìpamọ́ Synology kan wà nílé àwọn òbí wa l'Abẹ́òkúta. Fọ́tò àti fídíò ìdílé ló kún inú rẹ̀. Ráútà tó ń lo síìmù ni íńtánẹ́ẹ̀tì wọn. Àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ máa wo àwọn fídíò náà, a sì ti fi Tailscale, ápù tó ń so ẹ̀rọ tó jìnnà síra pọ̀ bíi pé ilé kan náà ni wọ́n wà, sí àpótí náà àti sí láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Ó ń rí i dáadáa: tó bá tẹ `100.101.12.7:5000`, DSM, ojú ewé tí a fi ń darí àpótí náà, á ṣí. Àmọ́ fídíò gígábáìtì 1 gba wákàtí mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A wọn ìyára nílé: ohun tó ń wọlé jẹ́ mẹ́gábíìtì 18 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó ń jáde jẹ́ 3. Níbo ni ìṣòro wà?

Sọ̀lú Dátà
Ẹ ṣí pọ́ọ̀tù UDP 41641 lórí ráútà Abẹ́òkúta, kí ẹ darí rẹ̀ sí àpótí náà. Pọ́ọ̀tù tí Tailscale ń lò nìyẹn. Ó parí.

Ọ̀gá Wáyà
Òótọ́ ni pé pọ́ọ̀tù rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yẹn ń ṣiṣẹ́ fún ráútà tó ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lójú íńtánẹ́ẹ̀tì. Ráútà onísíìmù kì í sábà ní i. Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan nílé ṣí ojú ewé ráútà, kó wo àdírẹ́sì tó wà níwájú WAN. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí tó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, ilé-iṣẹ́ síìmù ti kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Bí ẹ ṣí ilẹ̀kùn yàrá yín sílẹ̀ títí, géètì ìta kò sí lọ́wọ́ yín.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà yín níyànjú láti ṣí 5000 tàbí 5001 síta. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ DeadBolt ti àwọn fáìlì pa mọ́ àwọn tó ní àpótí QNAP tí ojú ewé wọn ṣí sí gbogbo ayé, ó sì ń béèrè owó. Torí ká má baà ṣí ohunkóhun la ṣe ń lo Tailscale.

Ní báyìí, kí àbúrò yín tẹ èyí lórí láptọ́ọ̀pù:

```
tailscale ping 100.101.12.7
```

Kó kọ ohun tó jáde síbí bó ṣe rí.

Adé Orí Òkè
Ṣé ẹ fẹ́ kí íńtánẹ́ẹ̀tì Abẹ́òkúta máa gba Lọ́ńdọ̀nù jáde ni? Ẹ yan láptọ́ọ̀pù náà ní exit node.

Ọ̀gá Wáyà
Rárá, Adé, fáìlì ni wọ́n fẹ́ gbà. Exit node á tún mú kí gbogbo ohun tí àpótí náà ń ṣe gba ọ̀nà tó jìn.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́
Ẹ ṣeun. WAN ráútà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10. Ohun tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù nìyí, ìlà àkọ́kọ́ tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá:

```
pong from ile (100.101.12.7) via DERP(lhr) in 231ms
direct connection not established
```

Ọ̀gá Wáyà
Ìdáhùn wà nínú ìlà méjèèjì yẹn. DERP ni ibùdó agbedeméjì Tailscale, `lhr` sì ni èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ẹ̀rọ méjèèjì kò rí ara wọn tààrà, nítorí náà gbogbo fáìlì ń gba ọwọ́ ibùdó náà kọjá. Ibùdó yẹn kò lè ka fáìlì yín, torí kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń dín ìyára kù.

Ẹ fi ti Abẹ́òkúta sílẹ̀, ẹ kò lè ṣe nǹkan kan sí géètì ilé-iṣẹ́ síìmù. Lọ́ńdọ̀nù ni kí ẹ tún ṣe. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bá ní ilẹ̀kùn tó ṣí, ẹ̀gbẹ́ kejì á lè kàn án láti inú wá, ọ̀nà tààrà á sì ṣí. Kí àbúrò yín tan UPnP lórí ráútà ilé rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ápù fúnra rẹ̀ ní kí ráútà ṣí pọ́ọ̀tù fún òun, kó pa Tailscale kó tún un tàn, kó wá tẹ `tailscale netcheck`. Ìlà tó yẹ kó rí nìyí:

```
* PortMapping: UPnP
```

Bí iwájú `PortMapping` bá ṣófo, ráútà kò gbà. Nígbà yẹn, ìmọ̀ràn Sọ̀lú Dátà wúlò, àmọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù: UDP 41641 sí àdírẹ́sì láptọ́ọ̀pù náà nínú ilé.

Sọ̀lú Dátà
Mo gbà. Mi ò fọkàn sí síìmù náà.

Bàbá Onífídíò
Ẹ jọ̀wọ́, tèmi náà jọ ọ́. Àpótí Synology méjì, ọ̀kan n'Ìbàdàn, ọ̀kan ní Mánshẹ́sítà, DSM 7 ni méjèèjì. Mo ń wọ Ìbàdàn láti orí fóònù, ṣùgbọ́n Hyper Backup, ápù tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì pamọ́, láti Ìbàdàn kò rí ti Mánshẹ́sítà rárá.

Ọ̀gá Wáyà
Tiyín yàtọ̀ sí tiwọn. Lórí DSM 7, Tailscale ń gba àlejò wọlé, ṣùgbọ́n àwọn ápù inú àpótí kò lè gba inú rẹ̀ jáde títí ẹ ó fi fún un láyè. Ní Control Panel, ẹ lọ sí Task Scheduler, ẹ dá Triggered Task sílẹ̀, kí oníṣẹ́ jẹ́ `root`, kí àkókò jẹ́ Boot-up, ẹ wá fi èyí sí i:

```
/var/packages/Tailscale/target/bin/tailscale configure-host
synosystemctl restart pkgctl-Tailscale.service
```

Ẹ tẹ Run lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá sọ Tailscale di ẹ̀dà tuntun, ẹ tún un tẹ̀, torí àyè náà máa ń bọ́ lọ.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́
UPnP ti wà lórí. Ìgbà kẹta tó tẹ ping, DERP lọ, ó sọ `via` pẹ̀lú àdírẹ́sì àti pọ́ọ̀tù, 128ms. Fídíò kan náà dé ní ìṣẹ́jú 52! Ṣé ó ṣì lè yá sí i?

Ọ̀gá Wáyà
Kò lè fi bẹ́ẹ̀ yá mọ́. Gígábáìtì 1 jẹ́ mẹ́gábíìtì 8000. Ẹ pín in sí 3 tó ń jáde nílé, ó di ìṣẹ́jú àáyá 2667, ìyẹn nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Ibi tí ọ̀nà yín fẹ̀ dé nìyẹn, 18 tó ń wọlé kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Fún fọ́tò, kí ó lo Synology Photos, torí àwòrán kékeré ló kọ́kọ́ máa ń fi hàn. Kó má fi `\\100.101.12.7` ṣí fólídà fọ́tò ńlá lórí Windows: ìbéèrè kéékèèké ni ọ̀nà yẹn máa ń fi ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní láti lọ kó bọ̀ láti Abẹ́òkúta.

Nǹkan kan tún kù kí ẹ ṣe lónìí. Kọ́kọ́rọ́ tí Tailscale fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa ń kú lẹ́yìn ọjọ́ 180, àfi tí ẹ bá yí i padà. Tó bá kú, àpótí náà á wà lórí iná, ẹ kò sì ní rí i láti ibì kankan, àfi kí ẹni tó wà nílé wọlé sí i. Lójú ewé Machines lórí ìkànnì Tailscale, ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta iwájú `ile`, ẹ yan Disable key expiry. Àpótí nìkan o, ẹ má ṣe é fún fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù tí olè lè gbé.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́
Mo ti ṣe é. Àmọ́ tí àbúrò mi bá jáde nílé, tó ń lo dátà fóònù, DERP ló tún ń fi hàn.

Ọ̀gá Wáyà
Bẹ́ẹ̀ ni, torí géètì ilé-iṣẹ́ síìmù ti wà níhà méjèèjì, UPnP kò sì sí lórí dátà fóònù. IPv6, irú àdírẹ́sì tuntun tí kò nílò kí ọ̀pọ̀ oníbàárà pín ọ̀kan lò, ló lè là á já, ó sì gbọ́dọ̀ wà níhà méjèèjì. Ẹ tẹ `tailscale netcheck` lórí àpótí náà, ẹ wo ìlà `IPv6`.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́
Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Sátidé, màá ní kó tẹ̀ ẹ́.