Kí ló dé tí ẹ̀yìn fóòmù kóòlù-rúùmù wa fi tutù ju ìṣirò mi lọ?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ooru. Kóòlù-rúùmù ẹja la ní ní Mushin. Búlọ́ọ̀kù tó nípọn tó 0.225 m ló wà níta, fóòmù 0.05 m ló wà nínú. Ojú ògiri níta, tí oòrùn kì í dé, jẹ́ 34°C. Ojú ti inú jẹ́ 4°C.

Mo fi bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń gba ooru kọjá (búlọ́ọ̀kù 0.9, fóòmù 0.04 W/mK) pín nínípọn rẹ̀. Ìdènà búlọ́ọ̀kù jẹ́ 0.25, ti fóòmù 1.25. Bí nǹkan bá ti dúró sójú kan, iye ooru kan náà ló gbọ́dọ̀ gba inú méjèèjì kọjá: 30 ÷ 1.5 = 20 wáàtì fún mítà onígun mẹ́rin kan. Ibi tí wọ́n ti pàdé yẹ kó jẹ́ 34 − 20 × 0.25 = 29°C.

Àmọ́ 24°C ni tẹmómítà tí mo tì bọ ibẹ̀ ń kà, kò sì kúrò níbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn ni pé 40 wáàtì ló ń wọlé, ìdènà fóòmù sì ti já wálẹ̀ sí 0.5. Omi ni mo fura sí. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ wa ṣe ní ká fi kún búlọ́ọ̀kù, èmi ò rí ohun tíyẹn máa ṣe.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ dájú láìtú gbogbo fóòmù? Bí mo bá sì pààrọ̀ rẹ̀, ṣé ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù ni kí n ta ọ̀rá sí?