Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìlà wo ni kí n kọ sára ọṣẹ mi?

Ọmọ Ọlọ́ṣẹ (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi. Ọṣẹ dúdú ni mò ń sè nílé, mo ń po òrí àti oyin mọ́ ọn, ọjà Kútọ̀ àti Wásáàpù ni mo ti ń tà á. Mo fẹ́ tẹ lébẹ́lì 300, ìlà kan péré ló sì lè gbà lábẹ́ orúkọ. Ọ̀kan rèé: "Ọṣẹ tó dára, ẹ̀ṣọ́ ara." Èkejì rèé: "Kì í jẹ́ kí ara gbẹ lẹ́yìn ìwẹ̀." Ti àkọ́kọ́ lọkọ mi fẹ́, ó ti ń fi kọrin káàkiri ilé. Èmi ò tíì mọ èyí tí màá mú.

Àkànní Èkó

Ti àkọ́kọ́! Kí lo tún ń rò? Ohun tó bá dùn létí ni èèyàn ń rántí. Ṣé o ò gbọ́ àwọn tó ń kiri ni? "Láńgbé jinná o!" Àtikékeré la ti ń gbọ́ ọ, ta ló ti gbàgbé ẹ̀? Àwọn òyìnbó pàápàá ti ṣèwádìí ẹ̀. Lọ́dún 2000, McGlone àti Tofighbakhsh fi hàn pé bí ọ̀rọ̀ bá bára dún, àwọn èèyàn máa ń gbà pé òótọ́ ni. Tí wọ́n bá ti gbà ọ́ gbọ́, wọ́n á rà á. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ Òǹdó

Ọmọ mi, ara tó ń gbẹ yẹn, omi eérú rẹ ló le jù. Eérú èèpo kòkó lo ń lò àbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀? Èyí tó wù kó jẹ́, bó o bá sè é tán, jẹ́ kó tutù, bu bíńtín sórí ìka, kó o tọ́ ọ lá. Bó bá ta ọ́ láhọ́n bí ìgbà tí iná fẹ́ẹ́rẹ́ gbé èèyàn, eérú ṣì wà nínú ẹ̀ tí kò rí àdín mú. Fi àdín díẹ̀ sí i, dá a padà sórí iná, máa rò ó títí tí kò fi ní í ta mọ́. Má tíì po òrí mọ́ irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ o. Eérú tó ṣẹ́kù yẹn á sọ òrí náà di ọṣẹ, kò ní í sí èyí tó máa kù fún ara.

Ọmọ Ọlọ́ṣẹ (Abẹ́òkúta)

Ẹ ṣé gan-an, mà. Kò sẹ́ni tó sọ pé ara òun gbẹ o, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ sára lébẹ́lì ni mò ń béèrè. Ṣùgbọ́n màá tọ́ ọ wò.

Bàbá Alátẹ̀wé

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń tẹ lébẹ́lì n'Ìbàdàn, fún ọlọ́ṣẹ, fún alágbo, fún ẹlẹ́pa. Ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Àkànní, tún "Láńgbé jinná o" yẹn sọ, kó o fetí sí i dáadáa. Kí ló bá kí ni dún níbẹ̀? Kò sí. Alágbàdo ń sọ fún ẹ pé àgbàdo òun ti jinná. Ẹlẹ́kọ ní "Ẹ̀kọ gbígbóná rè é o", gbígbóná yẹn ló ń tà. Orin ni wọ́n fi ń gbé e, mo gbà, àmọ́ ohun tí wọ́n gbé sórí orin yẹn ni àǹfààní ọjà wọn gan-an, láìfi bò. Nítorí náà àwọn oníkiri tó o fi ṣe ẹlẹ́rìí, ẹ̀yìn ìlà kejì ni wọ́n wà.

Nísinsìnyí, ìlà kìíní. Ọmọ mi, mú "ọṣẹ" kúrò níbẹ̀, kó o máa fi ọjà ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀. "Ìpara tó dára, ẹ̀ṣọ́ ara." Ó lọ. "Aṣọ tó dára, ẹ̀ṣọ́ ara." Ó lọ dáadáa, ó tiẹ̀ sàn ju ti ọṣẹ lọ. "Ìlẹ̀kẹ̀ tó dára, ẹ̀ṣọ́ ara." Onílẹ̀kẹ̀ á gbà á lọ́wọ́ ẹ láàárọ̀ ọ̀la. Wá gbé ìlẹ̀kẹ̀ sí ìlà kejì wò: "Ìlẹ̀kẹ̀ yìí kì í jẹ́ kí ara gbẹ lẹ́yìn ìwẹ̀." Ẹ̀rín lèèyàn máa rín. Ìlà tí ọjà ẹlòmíì ò lè wọ̀ ni ìlà tó jẹ́ tìrẹ.

Ìdí tí ti àkọ́kọ́ fi rọrùn tó bẹ́ẹ̀ ni pé fáwẹ̀lì ló ń parí ọ̀rọ̀ wa. Dára, ara, ìpara, àkàrà: kó o tó mu gààrí tán, o ti rí ogún tó bára jọ. Ohun tó bá rọrùn rí báyẹn kì í ta etí wa jí. Ohun tó ń ta etí Yorùbá jí ni kí ọ̀rọ̀ tó ti kọjá tún padà wá lójijì pẹ̀lú ohùn mìíràn, kí ìtumọ̀ ẹ̀ sì ti yí. Bí àpẹẹrẹ:

"Ọṣẹ tí kì í ṣe ara lọ́ṣẹ́."

Sọ ọ́ sókè. Ọṣẹ, lọ́ṣẹ́. Ó dùn létí, àǹfààní ọjà rẹ ṣì wà nínú ẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ò sì lè wọ̀ ọ́. Mo fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àmọ́ ewu kan ń bẹ níbẹ̀, èmi tí mò ń tẹ̀wé ni mo mọ̀ ọ́n. Àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ ló gbé ìlà yẹn dúró. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ tó ń to ọ̀rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà, fọ́ńtì wọn ò ní gbogbo àmì wa, wọ́n á kàn yọ ọ́ sọnù. Ohun tí wàá rí gbà ni OSE TI KII SE ARA LOSE. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á ka ìparí ẹ̀ sí pípàdánù. "Kì í jẹ́ kí ara gbẹ" ní tiẹ̀, bí àmì bá tiẹ̀ já bọ́ lára ẹ̀, ẹni tó ń kà á ṣì máa mọ̀ ọ́n. Èyí tó wù kó o mú, ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan fún ọ kí wọ́n tó tẹ 300, kó o fi ìka tẹ̀ lé àmì kọ̀ọ̀kan.

Àkànní Èkó

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n, sà. Mo gba ti alágbàdo. Àmọ́ ìwádìí tí mo sọ ńkọ́? Ẹ ò fọwọ́ kàn án.

Bàbá Alátẹ̀wé

Mo mọ̀ ọ́n. Òwe ni wọ́n kà fáwọn èèyàn níbẹ̀, wọn ò ta ọṣẹ fún ẹnì kankan. Òwe tó bára dún, àwọn èèyàn ní ó jóòótọ́ ju èyí tí wọ́n yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú ẹ̀ tí kò bára dún mọ́. Títí dé ibẹ̀, òótọ́ lo sọ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ní káwọn èèyàn náà ya bí ọ̀rọ̀ ṣe dún sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ń sọ, agbára dídún yẹn dín kù gan-an. Obìnrin tó ń ra ọṣẹ tí ọmọ ẹ̀ máa fi wẹ̀, ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ ló ń yẹ̀ wò. Èdè wa àti Gẹ̀ẹ́sì ò tún rí bákan náà.

Ìyá Ìbejì Ọ̀ṣogbo

Ẹ̀yin ń jà lórí orin, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Èmi náà fẹ́ràn kí n sọ àǹfààní ọjà mi láìfi bò, mo bá tẹ lébẹ́lì 500, mo kọ ọ́ gàdàgbà: "Ó ń wo làpálàpá àti èéyọ́." Alátẹ̀wé tẹ̀ ẹ́, kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ètò NAFDAC ni wọ́n jẹ́ kó yé mi pé ọṣẹ ìwẹ̀ ò gbọdọ̀ sọ pé òun ń wo àrùn. Tó bá ti ní òun ń wò ó, oògùn ló ń pe ara ẹ̀, ètò oògùn sì yàtọ̀. Ẹ̀yìn lébẹ́lì 500 yẹn làwọn ìbejì mi fi ń ṣe ìṣirò báyìí.

Torí náà "kì í jẹ́ kí ara gbẹ" dáa. Má jẹ́ kí oníbàárà kan tì ọ́ débi tí wàá fi sọ ọ́ di "ó ń wo ara gbígbẹ". Kó o sì rántí pé ìlà ẹyọ kan kọ́ ló máa wà lára lébẹ́lì o: ohun tó wà nínú ọṣẹ, ìwọ̀n ẹ̀, àdírẹ́sì, déètì, nọ́ńbà tí wọ́n bá fún ọ, gbogbo ẹ̀ ń wá àyè.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham

Mo kí Bàbá, sà. Ìlà "lọ́ṣẹ́" yẹn dùn mọ́ mi débi pé mo kà á fún màmá mi lórí fóònù. Wọ́n ní, "Kí ló dé tó fi ń pe ọṣẹ́ sórí ọjà ẹ̀? Ta ló bi í bóyá ó ń ṣeni lọ́ṣẹ́?" Mo rò ó, mo rí i pé òótọ́ wà nínú ẹ̀. Ẹni tí kò rà á rí, ìlà yẹn ló máa kọ́kọ́ fi ìbẹ̀rù sí i lọ́kàn. Ẹni tí ọṣẹ mìíràn ti bó lára rí, òun ló máa gbádùn ẹ̀.

Bàbá Alátẹ̀wé

Kí màmá fún mi. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ o. Ṣebí "kì í jẹ́ kí ara gbẹ" náà pe ara gbígbẹ?

Àbẹ̀kẹ́ Peckham

Gbogbo èèyàn ló mọ ara gbígbẹ nígbà ọyẹ́, sà. Ọṣẹ́ tún le ju ìyẹn lọ. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

Ọmọ Ọlọ́ṣẹ (Abẹ́òkúta)

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti dán an wò kí n tó padà wá. Oníbàárà mẹ́wàá ni mo fi ohùn ránṣẹ́ sí lórí Wásáàpù, mo sọ ìlà kìíní fún márùn-ún, mo sọ ìkejì fún márùn-ún tó kù. Lọ́jọ́ kẹta mo pè wọ́n, mo ní kí ni mo sọ nípa ọṣẹ mi. Nínú àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́, mẹ́ta kà á láìṣì. Inú mi kọ́kọ́ dùn, àfìgbà tí mo bi wọ́n pé kí ló wá dáa nínú ẹ̀. Ọ̀kan ní, "Ṣebí gbogbo yín náà lẹ ń sọ pé tiyín dára." Nínú àwọn tó gbọ́ ìkejì, kò sẹ́ni tó kà á bí mo ṣe sọ ọ́. Àmọ́ mẹ́rin sọ ọ́ lọ́rọ̀ ara wọn: "èyí tí kì í mú kí ara hàn funfun", "èyí téèyàn ò ní í sáré wá ìpara". Ẹ wo bí wọ́n ṣe sọ ọ́ dáa ju tèmi lọ.

Torí náà ìkejì ló ń lọ sára lébẹ́lì. Màá gbìyànjú ti Bàbá lẹ́nu ní Kútọ̀, níbi tí mo ti lè rí ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ọkọ mi ṣì ń kọrin tiẹ̀.

Ìyá Òǹdó, mà, mo tọ́ ọ lá. Ti oṣù tó kọjá ò ta mí rárá. Èyí tí mo sè lọ́sẹ̀ yìí ta mí láhọ́n díẹ̀, mo sì ti po òrí mọ́ ọn. Mo ti ní kí alátẹ̀wé mi dúró ná. Báwo ni àdín tí màá fi kún un ṣe máa pọ̀ tó, mà, tí ọṣẹ náà bá tó abọ́ ńlá méjì?