Pòtétò tó hù, tó sì ní àwọ̀ ewé lára: ṣé a lè sè é fún ọmọdé?

Ìyá Tómiwá (Ìbàdàn)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ra pòtétò lọ́jà Bódìjà, mo dà á sínú bàsíà, mo sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i, kó má baà jẹrà. Nígbà tí mo fẹ́ lò nínú rẹ̀ lánàá, mo rí i pé púpọ̀ nínú wọn ti yọ èéhù, òmíràn gùn tó ìka ọwọ́, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí fèrèsé sì ti ní àwọ̀ ewé. Mo ṣẹ́ èéhù náà dànù bí mo ṣe máa ń ṣe fún iṣu, mo bẹ eèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo sì dín in. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, jẹ bíbẹ́ méjì, ó ní ó korò, ó sì ń ta òun lọ́nà ọ̀fun. Mo rò pé kò kàn fẹ́ jẹun ni, àfi ìgbà tí èmi náà tọ́ ọ wò. Títí di òwúrọ̀ yìí kò bì, inú kò sì run ún, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Àbúrò mi ní oró kan tí wọ́n ń pè ní sóláníìnì wà nínú rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni ó ń ṣe nínú ara, kí sì ni kí n ṣe sí èyí tó kù, tó tó kílò mẹ́ta?

Ìyá Ìbejì (Abẹ́òkúta)

Ẹ má dà á nù rárá, Ìyá Tómiwá, owó ni ẹ fi rà á. Ẹ gé ibi tó ní àwọ̀ ewé kúrò, kí ẹ sì gé e jìn dáadáa. Lẹ́yìn náà ẹ fi iyọ̀ sè é, kí ẹ da omi àkọ́kọ́ nù, gbogbo oró tó wà níbẹ̀ á bá omi náà lọ. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Alágbàṣe Ọ̀yọ́

Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ní ọ̀dùnkún tó hù ń pa èèyàn? Ọ̀dùnkún ni mo ń gbìn. Ẹnu ọ̀nà wa ni à ń kó o sí, a máa ń jẹ èyí tó hù, àwọn kan tilẹ̀ ń fi ewé rẹ̀ se ọbẹ̀. Kò ṣe ẹnikẹ́ni rí.

Bàbá Àdùnní (Àkúrẹ́)

Iṣẹ́ ìmọ̀ oúnjẹ ni mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn. Alágbàṣe, òótọ́ lẹ sọ nípa ọ̀dùnkún yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni Ìyá Tómiwá ń bi wá. Pòtétò tí wọ́n ń kó wá láti Jọ́ọ̀sì jẹ́ ìbátan tòmátì àti igbá tí à ń jẹ, ọ̀dùnkún kò sì sí nínú ìdílé yẹn, kò ní sóláníìnì.

Àwọ̀ ewé náà fúnra rẹ̀ kò ní oró. Ohun kan náà tó ń mú ewé dúdú minimini ni, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń fà á. Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni pé ìmọ́lẹ̀ yẹn kan náà ló ń mú kí pòtétò pọ sóláníìnì àti ìkejì rẹ̀, ṣakoníìnì, láti fi lé kòkòrò àti ẹranko tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ sẹ́yìn. Àwọ̀ náà dà bí àmì ìkìlọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òṣùwọ̀n: pòtétò tó fara gbọgbẹ́ nínú òkùnkùn lè ní oró púpọ̀ láìní àwọ̀ ewé kankan. Inú èéhù gan-an ló pọ̀ sí jù, lẹ́yìn náà ojú tí èéhù ti yọ, lẹ́yìn náà eèpo àti ẹran tó wà lábẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìdí nìyí tí àṣà tí a fi ń ṣẹ́ èéhù iṣu kò fi tó fún pòtétò. Ẹ ní láti fi ṣónṣó ọ̀bẹ wú ojú náà kúrò pátápátá.

Ìyá Ìbejì, ẹ jàre nípa gígé e jìn, ṣùgbọ́n omi kò lè ràn yín lọ́wọ́. Sóláníìnì kì í fẹ́ yòrò nínú omi, ooru omi tó ń hó kò sì lè bà á jẹ́. Òróró dídín tó gbóná dé ìwọ̀n 170 pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ dín in kù.

Bí ó bá dé inú ara, ọ̀nà méjì ló ń gbà ṣọṣẹ́. Àkọ́kọ́, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì ìfun, awọ náà á sì lu, ibẹ̀ ni inú rírun, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti ń wá. Èkejì, ó ń dí ẹ́ńsáìmù tó máa ń pa iṣẹ́ tí iṣan ń jẹ́ fún ara lẹ́nu mọ́ lọ́wọ́, tí iṣan á fi máa jẹ́ iṣẹ́ náà lọ láìdáwọ́ dúró. Bó bá pọ̀, orí á fọ́, òòyì á kọ́ni, ara á rọ, ẹni náà á sì máa ṣe rànrànràn.

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ará, nítòsí Lewisham ni mo ń gbé, ọ̀rọ̀ yìí sì ti ṣẹlẹ̀ ládùúgbò yìí rí. Nínú ìròyìn tí àwọn dókítà tẹ̀ jáde ní ọdún 1979, ọmọkùnrin 78 ní ilé ẹ̀kọ́ kan jẹ pòtétò lọ́sàn-án, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn lẹ́yìn wákàtí 7 sí 19. Èèyàn 17 nínú wọn dé ilé ìwòsàn. Àpò pòtétò tó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà ìkẹ́kọ̀ọ́ tó ṣáájú ni wọ́n sè, gbogbo wọn ló sì gbádùn lẹ́yìn náà. Èmi fúnra mi jẹ pòtétò tí wọ́n yan pẹ̀lú eèpo ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo sì bì mọ́jú. Dókítà ní oúnjẹ tó bàjẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó yẹ pòtétò náà wò, nítorí náà n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Láti ìgbà náà, èyí tó bá ti ní àwọ̀ ewé, mo ń jù ú nù ni.

Ìyá Tómiwá (Ìbàdàn)

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá, ẹ ṣé, Àbẹ̀kẹ́. Kílò 18 ni Tómiwá wọ̀n. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá èyí tó jẹ pọ̀ jù?

Bàbá Àdùnní (Àkúrẹ́)

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ìwọ̀n tí ara ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìnira hàn tó mílígíráàmù kan fún kílò kan ara èèyàn, èyí jẹ́ 18 fún ọmọ yín. Pòtétò tó dára kì í sábà ní ju 100 lọ nínú kílò kan, a kì í sì í fẹ́ kó kọjá 200. Ẹ jẹ́ ká ro ti yín sí ibi tó burú, ká ní ó ní 300. Bíbẹ́ méjì tó jẹ kò lè ju 30 gíráàmù lọ, èyí já sí mílígíráàmù 9, ìdajì ohun tí à ń bẹ̀rù. Ká ní ó jẹ 60 gíráàmù, ìyẹn ẹyọ kékeré kan péré, ì bá ti dé ojú ààlà. Àgbàlagbà tó wọn kílò 70 á jẹ ju 230 gíráàmù lọ kó tó dé ibẹ̀. Ahọ́n ọmọ yín ló gbà á, nítorí ìkorò àti títa lọ́fun máa ń hàn nígbà tí oró bá ti pọ̀. Ẹ má ṣe fi ipá mú ọmọ jẹ pòtétò tó bá ní ó korò. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tàbí tó ń ṣe bí ẹni tó ń sùn tí kò fẹ́ jí, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú pòtétò kan dání.

Ní ti èyí tó kù, ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀. Èyí tó ti rọ̀ tàbí tó hunjọ, tàbí tó ní àwọ̀ ewé yí ara rẹ̀ ká, ẹ dà á nù. Èyí tó ṣì le, tí èéhù rẹ̀ kò ju ẹnu èékánná lọ, ẹ wú ojú rẹ̀, kí ẹ bẹ ẹ́ nípọn tó mílímítà mẹ́ta. Bí inú bá funfun, àgbàlagbà lè jẹ ẹ́. Èmi kò ní fún ọmọdé.

Ìyá Ìbejì (Abẹ́òkúta)

Mo gbọ́ ti omi yẹn, Bàbá. Ṣùgbọ́n bí mo bá gé àwọ̀ ewé kúrò tí inú rẹ̀ funfun, tí kò sì korò, n kò rí ìdí tí ọmọ kò fi ní jẹ ẹ́. Àtijẹ kò rọrùn báyìí.

Bàbá Àdùnní (Àkúrẹ́)

Mo mọ̀ pé owó ọjà le, Ìyá Ìbejì, n kò sì lè sọ pé irú èyí tí ẹ ṣàpèjúwe yẹn á ṣe ọmọ ní ibi. Ara ọmọdé kéré ni mo ń rò.

Ìyá Tómiwá (Ìbàdàn)

Mo ti yà wọ́n. Mọ́kànlá nìkan ló ṣẹ́ kù tó ṣì le, mo sì ti gbé wọn sínú agbọ̀n tí mo fi àpò bò, lábẹ́ tábìlì níbi tí oòrùn kì í dé. Mo fẹ́ da ìyókù fún ewúrẹ́ ìyá ilé wa.

Bàbá Àdùnní (Àkúrẹ́)

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Oró yẹn ń pa ẹran náà lára. Ẹ rì í mọ́lẹ̀.