Bọ́bìnì ni àbí ọkọ̀? Irin kan láti inú ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́

*Ẹ káàárọ̀ o. Irin tó wà nínú àwòrán yìí, inú àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ tí ìyá bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo ti rí i. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4, kò tóbi ju ìka ọmọdé lọ. Inú rẹ̀ ṣófo, ẹnu kan mú ṣóńṣó, èkejì là sílẹ̀. Nọ́ọ̀tì kékeré kan de irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ń kọ orúkọ ẹ̀yà ẹ̀rọ náà ní Yorùbá. Kí ni kí n pe èyí?*

Ìyá Aránṣọ: Bọ́bìnì ni. Ohun tó bá ti ń gbé òwú ìsàlẹ̀, bọ́bìnì là ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ sì bá mi wò ó o, tèmi ti ń fo ojú rírán láti ọjọ́ Àìkú. Mo pààrọ̀ abẹ́rẹ́, kò gbọ́.

Alátùn-únṣe: Mọ̀mí, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Bọ́bìnì ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí òwú wé mọ́, tó ń wọ inú irin yìí. Singer 27 tàbí 28 ló ń lo irú rẹ̀. Apá kan gbé e lábẹ́ ẹ̀rọ, ó ń fì í síwá sẹ́yìn bí ọwọ́ ẹni tó ń rìn. Bí abẹ́rẹ́ bá wọlẹ̀ tán, tó ń gòkè bọ̀, òwú rẹ̀ á dẹ̀, á ṣe ojóbó. Ẹnu ṣóńṣó yẹn á gba inú ojóbó náà kọjá tòun tòwú ìsàlẹ̀. Irin pẹlẹbẹ ló ń di òwú náà mú. Bí nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá dẹ̀ jù, òwú ìsàlẹ̀ á máa yọ sójú aṣọ lókè. Bó bá jẹ́ pé ẹnu méjèèjì ló mú, ẹ̀rọ tó dàgbà ju èyí ni, irú Singer 12, tí tiẹ̀ ń sá lọ sá bọ̀ tààrà. Ọkọ̀ ni kí ẹ pè é, bí àwọn ahunṣọ ṣe ń pe tiwọn.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn: Àárín òwú tí a ta ni ọkọ̀ tiwa ń gbà, ọwọ́ la sì fi ń jù ú. Èyí ń wọ ojóbó. Iṣẹ́ wọn ò dọ́gba.

Alátùn-únṣe: Àwọn méjèèjì ń gbé òwú kọjá lára òwú, ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn náà tó fún mi.

Olùkọ́: Bí mo bá kọ ọkọ̀ sójú pátákó, mọ́tò làwọn ọmọ máa yà. Ilé bọ́bìnì ńkọ́?

Alátùn-únṣe: Èyí tó rí roboto nínú ẹ̀rọ òde òní ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi òwú kún un: ọkọ̀ òwú. Mọ̀mí, ẹ wò ó bóyá ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ yín ló kọjú síwájú.

*Ẹ ṣé gan-an. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, bọ́bìnì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣì wà nínú rẹ̀ tòwú dúdú. Ọkọ̀ òwú ni mo kọ, mo fi àmì ìbéèrè sí i nítorí ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìṣẹ́yìn. Apá tó ń fì í wá ńkọ́?*